Bí A Ti Ń Gé Ìròyìn Ìdánwò Kúrú

Nígbà tí mo wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì ní Ákrà, wọ́n ní kí olúkúlùkù wa wá ìwọ̀n iyọ̀ tí ó wà nínú omi òkun. Mo pọn omi ní etí òkun Lábádì, mo se mílílítà 100 nínú rẹ̀ títí ó fi gbẹ, mo sì rí iyọ̀ gírámù 3.6. Èyí bá ohun tí a mọ̀ mu, nítorí kìlógírámù kan omi òkun a máa ní iyọ̀ tí ó tó gírámù 35.

Ìròyìn bí mo ti ṣe é gba ojú ìwé mẹ́ta. Olùkọ́ dá a padà fún mi pé kí n gé e kúrú, mo sì gé e. Ṣùgbọ́n ibi tí kò yẹ ni mo gé. Mo dá ìtàn ìrìn mi sí etí òkun sí, mo sì yọ àwọn nǹkan kéékèèké tí ó wà ní ìparí. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan tí ó ti Lomé wá tẹ̀lé ìròyìn mi, ó sì rí gírámù 4.3. A kọ́kọ́ rò pé òun ni kò ṣọ́ra. Nígbà tí a wo àwo rẹ̀, iyọ̀ náà ti tutù rinrin. Ó ti fi í sílẹ̀ láìdé di òwúrọ̀, nítorí mo ti yọ gbólóhùn tí ó sọ pé mo dé e nígbà tí ó ń tutù.

Ẹ kíyè sí i pé iyọ̀ òkun kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ nìkan. Magnẹ́síọ́ọ̀mù kílóráìdì wà nínú rẹ̀, èyí tí ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ etí òkun Ákrà sì kún fún ọ̀rinrin, àyàfi nígbà ọyẹ́. Nítorí náà, ìdérí ìgò, tí ó dà bí ohun tí kò níláárí, ni ó yí èsì padà.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bi gbólóhùn kọ̀ọ̀kan léèrè pé: bí ẹlòmíràn bá ṣe é lọ́nà mìíràn níhìn-ín, ṣé èsì yóò yí padà? Bí yóò bá yí padà, kí ó dúró. Bí kò bá ní yí padà, kí a yọ ọ́. Ọkọ̀ tí mo wọ̀ dé Lábádì kò kan iyọ̀, ṣùgbọ́n ibi tí mo ti pọn omi kàn án, nítorí omi odò tàbí ti ọ̀sà tí ó bá ṣàn wọ inú òkun a máa sọ iyọ̀ rẹ̀ di díẹ̀.

Ohun kejì ni pé kí a fi àmì ìparí rọ́pò ìtàn. Mo ti kọ ìlà mẹ́wàá lórí bí mo ti dúró, tí mo wò ó, tí mo sì tún dúró. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó fún gbogbo rẹ̀: títí ìwọ̀n rẹ̀ kò fi dín mọ́. Bákan náà, mo ti ròyìn ìdánwò kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, nígbà tí ó tó kí n wí pé a ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.

Èyí ni ohun tí ó kù nínú ojú ìwé mẹ́ta náà:

“A pọn omi òkun ní Lábádì ní oṣù kìíní, níbi tí ó jìnnà sí ẹnu odò, a sì fi bébà asẹ́ sẹ́ ẹ. A wọn àwo tánganran gbígbẹ, a da mílílítà 100 omi náà sínú rẹ̀, a sì gbé e lé orí ìkòkò omi tí ń hó títí ó fi gbẹ, kí iyọ̀ má baà ta dànù. Lẹ́yìn náà a yá a lórí iná díẹ̀díẹ̀. Ní ìṣẹ́jú 10-10 a ń gbé e sínú ìgò tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin títí ó fi tutù, a sì ń wọ̀n ọ́n, títí ìwọ̀n méjì tí ó tẹ̀ léra fi dọ́gba dé gírámù 0.1. A ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta.”

Bí mo bá tún gé e sí “a se omi òkun gbẹ, a sì wọn iyọ̀ rẹ̀”, yóò kúrú sí i, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò lè tún un ṣe.

Nígbà tí ẹ bá parí tiyín, ẹ fi fún ẹni tí kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ń ṣe é, kí ó sọ ohun tí yóò ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ má ṣe ràn án lọ́wọ́. Ibi tí ó bá ti béèrè ìbéèrè ni ẹ ti gé jù. Ibi tí ó bá ti fò kọjá láìṣìṣe ni ẹ ṣì lè gé. Akẹ́kọ̀ọ́bìnrin Lomé náà ka ìròyìn tuntun yìí, kò bi mí ní ohunkóhun. Ní ọjọ́ kejì ó mú èsì rẹ̀ wá: gírámù 3.6.