Rílásà Ni Kó Ṣáájú Dáì

Rílásà ló yẹ kó ṣáájú dáì, kí ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán sì wà láàárín wọn. Rílásà ń tú ìsopọ̀ inú irun kí ó lè nà. Dáì tí omi kì í fọ̀ kúrò tún ń ṣí èèpo ara irun kí àwọ̀ lè wọlé. Bí dáì bá ṣáájú, rílásà yóò mú kí àwọ̀ náà ṣí. Ọmọge tó ṣe rílásà ní ọjọ́ kìíní oṣù lè kun dáì ní ọjọ́ 15, bí orí kò bá ta á mọ́. Kí ó kọ́kọ́ fa ẹyọ irun tútù kan wò: bí ó bá nà bíi rọ́bà, tí ó sì já, kò tíì yá. Ti bílíìṣì yàtọ̀: kò yẹ irun tó ti jẹ rílásà rárá.