Ṣọ́ọ̀bù Kún, Àpò Gbẹ

Ẹ̀yin tí ẹ ń kó owó jọ láti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹ má ná an tán kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Ṣọ́ọ̀bù lè kú nígbà tí ọjà ṣì wà lórí pẹpẹ, bí kò bá sí owó tí a ó fi ra èyí tó tán.

Ẹ jẹ́ ká fi ẹnì kan tó fẹ́ ta poroofísọ̀n n'Ìbàdàn ṣe àpẹẹrẹ. Iye ọjà lè yí padà lọ́la, ṣùgbọ́n ìṣirò rẹ̀ kò ní yí. Ó ní ₦3,000,000 lọ́wọ́. Owó ilé ọdún kan jẹ́ ₦600,000. Ajẹ́ńtì gba ìdá mẹ́wàá rẹ̀ ní kọmíṣọ̀n, ìdá mẹ́wàá mìíràn lọ sórí àgírímẹ́ǹtì. ₦120,000 nìyẹn, kò sì ní padà wá mọ́.

Ó fi ₦500,000 sọ́kàn fún títún inú rẹ̀ ṣe. Káfíńtà kan pẹpẹ àti kàǹtà, wẹ́dà rọ ilẹ̀kùn onírin, akunlé kun ògiri. Ìgbà tí iṣẹ́ dé àárín ni oníwáyà sọ pé wáyà àtijọ́ tó wà níbẹ̀ kò lè gbé fíríìsà. Kí wọ́n tó parí, owó ti di ₦780,000. Ó ra fíríìsà ní ₦350,000, ó sì lọ kó ọjà ₦1,100,000 l'Ógùnpa. Ẹ rò ó pọ̀: ₦50,000 péré ló ṣẹ́kù.

Ẹ wá wo oṣù àkọ́kọ́. Ká ní ó ń ta ₦25,000 lójúmọ́, tó sì ń jèrè ìdá mẹ́wàá. Èrè ₦2,500 lójúmọ́, fún ọjọ́ mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, jẹ́ ₦65,000. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń bá a tajà ń gba ₦40,000, iná àti epo jẹnẹrétọ̀ gba ₦25,000, ó sì gbọ́dọ̀ ya ₦50,000 sọ́tọ̀ fún owó ilé ọdún tó ń bọ̀. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦115,000. Ó dín ní ₦50,000. Gbogbo ohun tó kù lápò rẹ̀ ti wọlé sí i lóṣù kan. Láti oṣù kejì, ojú owó ló ń jẹ, yálà ó mọ̀ tàbí kò mọ̀.

Ọjà àkọ́kọ́ náà tún ní ewu tirẹ̀. Ṣúgà, mílíìkì oníṣáṣẹ́ẹ̀tì àti ọṣẹ ìfọṣọ á tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Lọ́fínńdà àti bisikíìtì olówó gọbọi á jókòó síbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò onígò tí kò ní òfìfo yóò kọ́kọ́ sanwó kéréètì àti ìgò. Owó wà nínú ṣọ́ọ̀bù lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò ṣeé ná. Bí iye páálí ṣúgà bá sì ti gòkè kí ó tó padà lọ rà á, owó tó pa lórí ti àtẹ̀yìnwá lè má tó ra òmíràn. Oníbàárà tó bá béèrè ṣúgà lẹ́ẹ̀mejì tí kò rí i, ṣọ́ọ̀bù kejì ló ń lọ.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ pé ẹ ti ń jẹ ojú owó nìyí. Ní gbogbo alẹ́ Sátidé, ẹ ka ọjà tó wà nílẹ̀ ní iye tí ẹ rà á, ẹ ro owó ọwọ́ àti àwìn tó dájú mọ́ ọn, kí ẹ yọ gbèsè kúrò. Bí iye yẹn bá ń dín fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, ewu ti dé. Ẹ má jẹ́ kí àjọ ojoojúmọ́ tàn yín: ẹni tó ń jèrè ₦2,500 tó ń dá àjọ ₦3,000, ọjà ló ń dá.

Kí ni kí ẹni náà ṣe? Kó dá títún ṣọ́ọ̀bù ṣe dúró sí ₦480,000, títí kan owó wáyà, nítorí ohun tí a bá kàn mọ́ ògiri sábà máa ń di ti onílé lọ́jọ́ tí a bá kó jáde. Kó fi fíríìsà sílẹ̀ ná, kó fi kúlà àti yìnyín bẹ̀rẹ̀. Kó ra ọjà ₦1,000,000, èyí tó ń yá nìkan, kó sì jẹ́ kí ìbéèrè oníbàárà sọ ohun tó máa kù láti rà. ₦800,000 á ṣẹ́kù. ₦345,000 nínú rẹ̀ ni ìnáwó oṣù mẹ́ta. ₦455,000 yòókù, ọjà nìkan ni kó máa fi rà, kó má fi kan ohun mìíràn.

Kí ẹ tó fún ajẹ́ńtì ní kọ́bọ̀, ẹ kọ iye tó máa ṣẹ́kù sílẹ̀. Bí kò bá lè gbé ìnáwó oṣù mẹ́ta kí ó sì tún ra ọjà, ẹ má gba ṣọ́ọ̀bù náà. Ẹ wá èyí tó kéré sí i, tàbí kí ẹ dúró.