Bí Olùwòran Ṣe Ń Di Oníbàárà

Gbogbo èrò tó ń kọjá níwájú ìsọ̀ kọ́ ni oníbàárà. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń tẹ̀lé ẹgbẹ́ wa lórí fóònù. Bí a bá lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ wò, tí a sì béèrè iye àwọn tó ń tẹ̀lé wọn, kíá ni wọn yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n bí a bá béèrè iye ẹni tó padà wá rajà lẹ́ẹ̀kejì, wọn á máa wo ara wọn lójú.

Ẹ jẹ́ kí a fi ẹgbẹ́ kan tí ń ta gàrí ṣe àpẹẹrẹ. Èèyàn 900 ló ń tẹ̀lé wọn; 40 péré ló ra kílò 5. Àwọn 40 yìí ni kí a kọ́kọ́ mójú tó. Kí akọ̀wé kọ orúkọ wọn sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n rajà, àti iye tí wọ́n rà. Bí ilé kan bá ń jẹ kílò 5 tán ní ọjọ́ 21, ọjọ́ 18 ló yẹ kí a ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n tó lọ rà á níbòmíràn.

Níbo ni a ó kó wọn jọ sí? Nínú gúrúùpù WhatsApp, gbogbo wọn ló ń rí nọ́ńbà ara wọn, òǹtajà mìíràn sì lè tibẹ̀ kó wọn lọ. Fún ìránnilétí, Broadcast ló dára jù: oníkálukú ni yóò gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ṣùgbọ́n kì í dé ọ̀dọ̀ ẹni tí kò fi nọ́ńbà wa pamọ́ sórí fóònù rẹ̀. Nítorí náà, ọjọ́ tí a bá gbé ọjà fún un ni kí a bẹ̀ ẹ́ pé kó fi í pamọ́, kí a sì gbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀ láti máa ránṣẹ́. Gúrúùpù wúlò nígbà tí àwọn oníbàárà àdúgbò kan bá fẹ́ para pọ̀ san owó ọkọ̀ ẹrù.

Lórí Instagram, a lè fi àwọn tó ti rajà sínú Close Friends. Àwọn nìkan ni yóò rí ìtàn tí a bá gbé síbẹ̀, fún wákàtí 24. Bí a bá sọ pé àpò 20 ni a yà sọ́tọ̀ fún wọn, kí ó rí bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Bí wọ́n bá rí i pé gbogbo ayé ló rí irú rẹ̀ gbà, ọ̀rọ̀ wa kò ní tà létí wọn mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 6, kí a ka iye tó padà wá. Bí ó bá jẹ́ 14 nínú 40, ìdá 35 nínú 100 nìyẹn. Bí àwọn oníbàárà oṣù tó tẹ̀ lé e bá dín sí èyí, kí a wádìí lẹ́nu àwọn tí kò padà. Bí ó bá jẹ́ pé òkúta wà nínú gàrí ni, kò sí gúrúùpù tó lè wo èyí sàn.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Èèyàn mélòó ló ra ọjà ẹgbẹ́ yín lẹ́ẹ̀mejì láàárín oṣù mẹ́ta tó kọjá? Ta ni ìwé orúkọ wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀?