Kí Ni Bàbá Pa?

Ọmọ kan tó dàgbà sí Pẹ́kàmù ní Lọ́ńdọ̀nù ń wo fíìmù Yorùbá kan tí wọ́n kọ ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré sí nísàlẹ̀. Ó ya ojú fóònù rẹ̀, ó sì fi àwòrán náà ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìbàdàn: “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n kọ síbí? Mo fẹ́ sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì fún ìyàwó mi.” Ọ̀rọ̀ mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: *Bàbá ti pa*. Kò sí ẹran lójú àwòrán, kò sì sí òkú. Àgbàlagbà kan ló jókòó, tó ń jẹ iṣu.

Ẹni tó bá kánjú á ní bàbá ti pa ènìyàn. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo àmì. Lẹ́tà ńlá ló bẹ̀rẹ̀ *Bàbá*, nítorí náà ibẹ̀ ni gbólóhùn ti bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí àmì ìdánudúró lẹ́yìn *pa*. Ìlànà tí ilé-iṣẹ́ Nẹ́tífílíìsì fi lélẹ̀ fún àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù ni pé bí gbólóhùn kan bá ń bá a lọ láti abala kan bọ́ sí èkejì, wọn kò gbọdọ̀ fi àmì onítò mẹ́ta tàbí dáàṣì há a láàárín. Àmì onítò mẹ́ta wà fún ìgbà tí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá dánu dúró fúnra rẹ̀. Nítorí náà, bí ìlà kan bá parí láìsí àmì kankan, gbólóhùn kò tíì parí nìyẹn. Bí èyí tó tẹ̀ lé e bá sì fi lẹ́tà kékeré bẹ̀rẹ̀, ìyókù ọ̀rọ̀ ni.

Nínú èdè wa, *pa* tó bá dá dúró báyìí tún ń fi nǹkan mìíràn hàn. Ó lè jẹ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlẹ́là, irú èyí tó máa ń là sí méjì kí ẹni tàbí ohun tí a ń sọ lè wọ àárín rẹ̀. Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ nípa wọn nínú ìwé gírámà rẹ̀ tó jáde ní 1966, a sì ń lò wọ́n lójoojúmọ́ láìrò ó: ba ayé jẹ́, tan ọmọ jẹ, gba Ọlọ́run gbọ́, tú ìpàdé ká. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé apá kejì, ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn pátápátá, ló ń gbé ìtumọ̀. Bí abala bá sì pín gbólóhùn sí méjì, òun ló máa ń bọ́ sí ìhà kejì.

Ẹ wo bí ọ̀rọ̀ bàbá náà ṣe rí nínú fáìlì tó gbé e:

```
41
00:12:07,200 --> 00:12:09,400
Bàbá ti pa

42
00:12:09,440 --> 00:12:12,000
ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn tì.
```

Àlàfo tó wà láàárín abala méjèèjì kò tó ìdá mẹ́wàá ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ọ̀kan ṣe ń kúrò ni èkejì ń gorí ojú fíìmù. Òṣèré náà mí díẹ̀ lẹ́yìn *pa*, ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sì tẹ̀lé èémí rẹ̀. Bàbá kò pa ẹnikẹ́ni o. Ó ti fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ sílẹ̀ ni, kò bá wọn jà á mọ́.

Ká wá ní ẹ̀gbọ́n tilẹ̀ rí abala kejì, ṣùgbọ́n ọ̀tún àwòrán gé, tó fi jẹ́ *ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn* nìkan ló kù. Ẹ má rò pé ó ti tó. Bó bá jẹ́ *pa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn mọ́*, bàbá ń fi í pamọ́ fún wọn nìyẹn. Bó bá jẹ́ *pa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn dà*, ó ti yí ohùn padà, ohun tó sọ lánàá kọ́ ló ń sọ lónìí. Ìtàn mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni tì, mọ́ àti dà, kò sì sí ọgbọ́n orí tó lè fi ọ̀kan rọ́pò òmíràn. (*Mọ́* tún burú jù wọ́n lọ: *kò pa á mọ́* lè jẹ́ pé kò fi í pamọ́, ó sì lè jẹ́ pé ó ti jáwọ́ nínú pípa rẹ̀.) Ohun tó yẹ ni kí ẹ̀gbọ́n ní kí ọmọ náà dá fíìmù padà díẹ̀, kó ya abala tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀ lé e ránṣẹ́. Lórí Yútúùbù, bọ́tìnì ọfà òsì lórí kọ̀ǹpútà á dá a padà ní ìṣẹ́jú-àáyá 5. Bí fíìmù kò bá sí lọ́wọ́ mọ́, kó túmọ̀ ìba tó hàn, kó fi àmì onítò mẹ́ta sí ibi tó gé, kó sì sọ fún un pé ọ̀rọ̀-ìṣe kò pé.

Gígé tún wà tí kì í ṣe ti ẹ̀gbẹ́. Ojú ọ̀pọ̀ fóònù òde òní gùn ju ojú fíìmù lọ, àwọn ènìyàn a sì fi ìka méjì fa àwòrán kó lè kún ojú fóònù. Òkè àti ìsàlẹ̀ ló máa ń sọnù. Bó bá jẹ́ pé inú àwòrán fíìmù gan-an ni wọ́n tẹ ọ̀rọ̀ sí, ìlà ìsàlẹ̀ á gé ní ìdí, èdè Yorùbá ló sì máa fara gbá a, torí ìsàlẹ̀ lẹ́tà ni àmì ẹ, ọ àti ṣ wà. *Ó ti gbàgbé ọkọ rẹ̀* á wá di *Ó ti gbàgbé oko rè*. Ohùn kò lè gbà wá níbí, torí ohùn àárín méjì ni ọkọ àti oko jọ ní. Ẹ wo ìrù lẹ́tà g. Bí ìrù g méjèèjì nínú *gbàgbé* bá ti gé, àmì abẹ́ ọ náà lè ti bá a lọ. Ẹ̀rí kejì ni *rè* yẹn: lẹ́yìn ọ̀rọ̀-orúkọ báyìí, rẹ tàbí rẹ̀ ló yẹ kó wà níbẹ̀. Bí òun bá ti sọ àmì nù, ẹ má gba oko gbọ́. Ẹni tó fi àwòrán bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ lè fi ìka méjì dá a padà sí bó ṣe wà, kó tún un yà.

Ọ̀rọ̀-arọ́pò orúkọ náà ń fẹ́ abala tó ṣáájú. Bí a bá rí *Wọ́n ti pa á tì* nìkan, *wọ́n* lè jẹ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó lè jẹ́ bàbá kan ṣoṣo tí ọmọ ń bọ̀wọ̀ fún, ó sì lè máà jẹ́ ẹnì kan pàtó, tó fi jẹ́ pé ohun tí a ń sọ kò ju pé a ti pa nǹkan náà tì. Gẹ̀ẹ́sì á fẹ́ mọ èwo ni. Ẹni tó wà lójú àwòrán kì í fìgbà gbogbo ran ni lọ́wọ́, torí kámẹ́rà sábà máa ń wo ẹni tó ń gbọ́ nígbà tí ẹlòmíràn ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ ọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀ fíìmù Yorùbá, ọwọ́ yín ni púpọ̀ nínú èyí wà. Lẹ́tà 42 ni Nẹ́tífílíìsì gbà láàyè lórí ìlà kan fún èdè tó ń lo ábídí bíi tiwa, ìlà méjì ni abala kan sì lè gbà. *Bàbá ti pa ọ̀rọ̀ ilẹ̀ yẹn tì* kò tó 30, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Kò sí ohun tó ní kẹ́ ẹ là á. Bí gbólóhùn bá gùn tí ẹ gbọ́dọ̀ pín in, ẹ pín in níbi tí *tí*, *pé*, *ṣùgbọ́n* tàbí *nítorí* bá ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ̀là méjèèjì ọ̀rọ̀-ìṣe wà lójú kan náà, kódà bí òṣèré bá mí láàárín wọn.