Ètò Ìtọ́jú Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ Ikùn: Ìrora Ló Ṣáájú

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan tí ibà tífọ́ọ̀dù dá ihò sí ìfun rẹ̀, irú èyí tó wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un lánàá. Láàárọ̀ yìí kò fẹ́ mira, kò fẹ́ wúkọ́. Níbo ni nọ́ọ̀sì máa ti bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀?

Ìrora ni. Ó ní kó fi òǹkà 0 sí 10 wọ̀n ọ́n; ọmọ náà ní 8. Nọ́ọ̀sì gún un lábẹ́rẹ́ tí dókítà kọ, ó sì padà wá bi í lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ó ti di 3. Bí kò bá padà wá bèèrè, báwo ló ṣe fẹ́ mọ̀ pé ètò náà ṣiṣẹ́?

Ìgbà yìí ló tó lè dìde. Á kọ́kọ́ jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Bí òòyì ò bá kọ́ ọ, á rìn díẹ̀. Á fi pílò tẹ ojú abẹ kó tó wúkọ́. Bó bá kàn dùbúlẹ̀ ṣáá, kẹ̀lẹ̀bẹ̀ á jókòó sí ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀jẹ̀ sì lè dì sí ẹsẹ̀.

Ìdọ̀tí ìfun ti dà sínú ikùn yìí, nítorí náà egbò rẹ̀ tètè lè kẹ̀. Nọ́ọ̀sì á fọwọ́ kó tó kàn án. Bó bá pọ́n, tó ṣọyún, tàbí tí ara gbóná dé 38°C, kó pe dókítà. Bí ìrora 3 bá sì ṣàdédé padà di 8, tí ikùn le gbagidi, kó má kàn fi oògùn kún oògùn o: ibi tí wọ́n rán lè ti ṣí.