Ẹ̀KỌ́ KẸSÀN-ÁN: ÀGBÀ ÀTI ỌMỌDÉ LẸ́NU IṢẸ́ KAN

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé-iṣẹ́ búrẹ́dì kan tí a mọ̀. Obìnrin ẹni ọdún 38 ni ọ̀gá ibẹ̀. Bàbá ẹni ọdún 61 ló ń po ìyẹ̀fun. Àwọn ọ̀dọ́ méjì tí ń gé e, tí wọ́n sì ń tì í sínú ààrò, kò tíì pé ọdún 25.

Ní ọjọ́ kan, wọ́n ra ìyẹ̀fun mìíràn. Kì í mu omi tó ti àtẹ̀yìnwá. Ọ̀gá fi Wáásáàpù ránṣẹ́ pé: "Ẹ dín omi kù ní lítà 3 lórí àpò kan." Bàbá kì í wo fóònù lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ rí i, ṣùgbọ́n wọ́n ní, "Ta ni àwa láti kọ́ Bàbá níṣẹ́?" Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, búrẹ́dì àpò méjì ti tẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀gá pariwo mọ́ Bàbá lójú àwọn ọmọ. Bàbá kò fèsì. Ó bọ́ aṣọ iṣẹ́, ó gba ilé lọ. Odindi ọjọ́ mẹ́ta ni ààrò fi tutù.

Ta ló jẹ̀bi? Lójú tiwa, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ gbà ni kò dára. Ọ̀gá pàápàá gbà bẹ́ẹ̀. Ó lọ bẹ Bàbá nílé, ó sì yí ohun mẹ́ta padà.

Èkínní, pátákó kan wà níbi tí wọ́n ti ń po ìyẹ̀fun báyìí. Kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, ọ̀gá á kọ ohun tó bá yí padà síbẹ̀, á sì sọ ọ́ lẹ́nu. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn á tún un sọ: "Lítà 3 ni n ó dín." Bí ó bá kàn ní "Ó dára," kò tíì dájú pé ó gbọ́. Ọmọdé tó bá ka pátákó sókè fún àgbà kò rí i fín. Iṣẹ́ tí ọ̀gá rán an ló jẹ́.

Èkejì ni ìbáwí. Bí àgbà bá ṣe àṣìṣe, ọ̀gá á pè é sí kọ̀rọ̀, á kọ́kọ́ béèrè: "Bàbá, kí lẹ rí lára ìyẹ̀fun yẹn?" Lẹ́yìn náà ni yóò sọ àṣìṣe náà gan-an, kò ní gbé e mì nítorí ọjọ́ orí. Ní ti àwọn ọ̀dọ́, ojú ẹsẹ̀ ni ó ń sọ tiwọn, ì báà ṣe rere, ì báà ṣe búburú. Kì í tò ó jọ di ọjọ́ owó oṣù.

Ẹ̀kẹta ni àkókò. Ọ̀gá ti rò pé ọ̀dọ́ ló ni iṣẹ́ alẹ́. Nígbà tó béèrè, ọ̀dọ́ kan ní òun ń lọ sí kíláàsì láàárọ̀. Bàbá ní alẹ́ tẹ́ òun lọ́rùn, nítorí ooru. Wọ́n ṣí ìwé kan. Ẹni tó bá fẹ́ pààrọ̀ àkókò á kọ ọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí yóò dí àyè rẹ̀. Òfin kan náà ni fún àgbà àti ọmọdé.

ÌBÉÈRÈ
1. Kí ló dé tí àwọn ọ̀dọ́ kò fi sọ̀rọ̀?
2. Níbi iṣẹ́ tiyín, báwo ni ẹ ṣe ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ dé etí gbogbo ènìyàn?