Èlé Orí Ojú Owó àti Èlé Lórí Èlé

Ní oṣù kẹrin ọdún 1790 ni Bẹ́ńjámínì Fránkílìnì, òǹtẹ̀wé ará Amẹ́ríkà, kú. Nínú ìwé ìhágún rẹ̀ ó fi ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn sílẹ̀ fún ìlú Bósítìnì níbi tí a gbé bí i, àti iye kan náà fún ìlú Filadẹ́fíà níbi tí ó gbé ṣiṣẹ́. Ó pàṣẹ pé kí a máa yá àwọn ọ̀dọ́ oníṣẹ́-ọwọ́ ní owó náà, kí èlé rẹ̀ sì jẹ́ 5 lórí ọgọ́rùn-ún lọ́dún. A kò gbọdọ̀ ná èlé náà. A ó dà á pọ̀ mọ́ ojú owó, a ó sì tún yá a jáde. Ó ṣírò rẹ̀ pé lẹ́yìn ọgọ́rùn-ún ọdún, ẹgbẹ̀rún kan náà yóò di pọ́n-ùn 131,000.

Báwo ni èyí ṣe lè rí bẹ́ẹ̀? Bí èlé bá jẹ́ ti orí ojú owó nìkan, ẹgbẹ̀rún kan pọ́n-ùn yóò máa mú 50 wá lọ́dọọdún, kò ní lé, kò sì ní dín. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún èlé náà yóò jẹ́ 5,000, gbogbo owó yóò sì jẹ́ 6,000. Ó dà bí àgbẹ̀ tí ń gbin ọgọ́rùn-ún èbù ní ọdún gbogbo, tí ó sì ń jẹ ìyókù iṣu rẹ̀ tán: oko rẹ̀ kò ní fẹ̀ sí i.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà ti Fránkílìnì yàn ni èlé lórí èlé. Ní ọdún kìn-ín-ní èlé jẹ́ 50, owó sì di 1,050. Ní ọdún kejì, 1,050 ni a ó ṣírò èlé lé lórí, kì í ṣe ẹgbẹ̀rún kan mọ́. Èlé rẹ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 52 àti ààbọ̀. Pọ́n-ùn méjì àti ààbọ̀ tí ó lé yìí ni ọmọ tí èlé àkọ́kọ́ bí.

Ìyàtọ̀ náà kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, ìdí nìyí tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fi kà á sí. Lẹ́yìn ọdún 10, èlé orí ojú owó sọ owó di 1,500, èlé lórí èlé sì sọ ọ́ di 1,629. Lẹ́yìn ọdún 20, èkíní jẹ́ 2,000, èkejì sì jẹ́ 2,653. Ní ọdún 50, èkíní jẹ́ 3,500, ṣùgbọ́n èkejì ti lé ní 11,400. Kì í ṣe pé èlé ga sí i. 5 lórí ọgọ́rùn-ún náà ni. Iye ọdún ni ó ṣe iṣẹ́ náà.

Síbẹ̀, nígbà tí ọgọ́rùn-ún ọdún pé, kò sí ọ̀kan nínú ìlú méjèèjì tí owó rẹ̀ dé iye tí Fránkílìnì ṣírò. Ìṣirò rẹ̀ kò ní àṣìṣe. Ṣùgbọ́n ó rò pé gbogbo ẹni tí ó yá owó ni yóò san án, àti pé owó náà kò ní jókòó lásán rí. Àwọn kan kò san gbèsè wọn, owó tí ó sì sọnù lọ́dún kan sọ gbogbo èlé tí ì bá bí ní àwọn ọdún tí ń bọ̀ nù pẹ̀lú. Bósítìnì fi púpọ̀ nínú tirẹ̀ sí ọwọ́ ilé-iṣẹ́ tí ń fi èlé kún un déédéé. Ní ọdún 1990, tí igba ọdún pé, owó Bósítìnì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 5 dọ́là, ti Filadẹ́fíà sì jẹ́ bí mílíọ̀nù 2. Iye kan náà ni ìlú méjèèjì fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tí ó bá ní owó ní báńkì lè fi ìwé ìfowópamọ́ rẹ̀ mọ irú èlé tí ó jẹ́ tirẹ̀. Kí ó wo èlé ọdún méjì tí kò fi owó kún un, tí kò sì gbà níbẹ̀, tí báńkì kò sì yí iye èlé padà. Bí èlé ọdún méjèèjì bá dọ́gba, orí ojú owó nìkan ni a ń ṣírò rẹ̀. Bí ti ọdún kejì bá pọ̀ jù, èlé ti ń bí èlé. Ẹni tí ó bá sì ń gba èlé rẹ̀ ná lọ́dọọdún ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ sọ èlé lórí èlé di èlé orí ojú owó.

Kí ó tún fi èlé náà wé bí ọjà ti ń wọ́n sí i. Bí iye owó oúnjẹ bá ń fi 10 lórí ọgọ́rùn-ún lé sí i lọ́dún, tí èlé sì jẹ́ 5, iye tí a kọ sínú ìwé yóò máa pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ohun tí owó náà lè rà yóò máa dín kù.